Ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ kì í ṣe oṣù kan: bí mo ṣe ka ọjọ́ nótíìsì lórí kàlẹ́ńdà

Àbúrò mi obìnrin ń bá ilé iṣẹ́ kan ṣe ìṣirò owó ní Erékùṣù Èkó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màrínà. Nígbà tó fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ti kọ lẹ́tà rẹ̀ tán kó tó gbé e wá fún mi. Ohun tó kọ ni pé òun fún wọn ní nótíìsì oṣù kan, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ni òun yóò sì ṣíwọ́. Mo ní kó mú ìwé àdéhùn rẹ̀ wá. Kò sí oṣù kan níbẹ̀ rárá. Ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n kọ. “Ẹ̀gbọ́n mi, ọgbọ̀n ọjọ́ náà ṣáà ni oṣù kan,” ló wí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ká tó yọ ọlidé kankan. Bó bá lọ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, gbèsè ọjọ́ ni yóò jẹ wọ́n.

Mi ò tíì mú kàlẹ́ńdà. Ojú ìwé kejì àdéhùn náà ni mo kọ́kọ́ ṣí, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ ni ìṣirò yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ yòówù tí kì í ṣe Àbámẹ́ta, tí kì í ṣe Àìkú, tí kì í sì í ṣe ọlidé tí ìjọba kéde ní Nàìjíríà. Iyẹn ṣe kedere. Àdéhùn mìíràn wà tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ náà bá ṣílẹ̀kùn ni wọ́n ń pè ní ọjọ́ iṣẹ́. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rù ní Apápá, tí wọ́n ń wọlé ní gbogbo Àbámẹ́ta, Àbámẹ́ta wọ inú kíkà nìyẹn, àsìkò rẹ̀ yóò sì tètè pé. Bí àdéhùn kò bá túmọ̀ rẹ̀ rárá, ẹ wo ibi tí wọ́n ti kọ ọjọ́ àti wákàtí iṣẹ́, kí ẹ sì kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka tó ń mójú tó òṣìṣẹ́ kí ẹ tó fi lẹ́tà sílẹ̀. Ìdáhùn ẹnu kò tó, torí ẹni tó dáhùn lè má sí níbẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣírò owó yín.

Ohun kejì tí mo wá ni ọjọ́ tí nótíìsì ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gba lẹ́tà ni à ń wò. Déètì tí a kọ sí orí rẹ̀ kọ́. A kì í sì í ka ọjọ́ tí wọ́n gbà á mọ́ ọn. Ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ni 1. Bẹ́ẹ̀ náà ni Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ṣe ka nótíìsì tirẹ̀: wọ́n yọ ọjọ́ tí a fi í lélẹ̀ kúrò. Nínú àdéhùn àbúrò mi, gbólóhùn kékeré kan tún fara pamọ́ sí apá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ lórí fífi lẹ́tà ránṣẹ́. Ó ní lẹ́tà tó bá dé lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ dà bí èyí tó dé ní ọjọ́ iṣẹ́ kejì. Ẹni tó bá fi í-meèlì ránṣẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Ajé ni wọ́n gbà á lójú àdéhùn, Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ kìíní rẹ̀. Mo ní kó fi lọ́wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, kó sì jẹ́ kí ó di òwúrọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ni ó fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo gbé kàlẹ́ńdà ògiri sórí tábìlì, mo mú pẹ́ńsù, mo sì kọ́kọ́ fa ìlà sórí àwọn ọlidé kí n tó ka ẹyọ kan. Méjì ló bọ́ sí àárín: ọlidé Màólúdì ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, àti ọjọ́ Òmìnira ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Ẹ wò ó pé ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá tí àbúrò mi kọ́kọ́ yàn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́.

Kíkà náà lọ báyìí. Ọjọ́rú 3 ni 1, Ọjọ́bọ̀ 4 ni 2. Mo fo Ẹtì 5. Ajé 8 sí Ẹtì 12 gbé mi dé 7. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, láti 15 sí 19, gbé mi dé 12. 22 sí 26 gbé mi dé 17. Ajé 29 àti Ìṣẹ́gun 30 parí oṣù Kẹsàn-án sí 19. Mo fo ọjọ́ Òmìnira. Ọjọ́bọ̀ 2 oṣù Kẹwàá di 20, Ẹtì 3 di 21. Ajé 6 sí Ẹtì 10 gbé mi dé 26. Ajé 13, Ìṣẹ́gun 14, Ọjọ́rú 15, Ọjọ́bọ̀ 16: ọgbọ̀n pé. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, ni ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sínú àpótí ọjọ́ rẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà, torí bí a bá ń kà á lọ́kàn, ibi tí ọlidé wà ni a ti máa ń ṣì í.

Mo tún fi Excel yẹ̀ ẹ́ wò. Mo kọ déètì ọlidé méjèèjì sí D1 àti D2, mo wá tẹ èyí:

```
=WORKDAY(DATE(2025,9,2),30,D1:D2)
```

Bó bá jẹ́ 45946 ló jáde, ẹ má bẹ̀rù, déètì náà nìyẹn. Ẹ kàn yí àpótí náà sí déètì, ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá yóò fara hàn. WORKDAY kì í ka ọjọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi bá iṣẹ́ yìí mu. NETWORKDAYS ló ń da èèyàn rú, torí ó máa ń ka ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ ìkẹyìn pọ̀. Ẹni tó bá fi í wá ọgbọ̀n láti ọjọ́ 2 yóò gúnlẹ̀ sí ọjọ́ 15, ọjọ́ kan ti dín. Fún ẹni tí Àbámẹ́ta jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ fún, èyí ni kó lò. Àìkú nìkan ni 11 tó wà láàárín ń yọ:

```
=WORKDAY.INTL(DATE(2025,9,2),30,11,D1:D2)
```

Lẹ́tà ọjọ́ kan náà, ọlidé kan náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá nìyẹn yóò mú jáde. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìtumọ̀ Àbámẹ́ta fi yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọlidé ní ẹ̀gún díẹ̀ nínú. Màólúdì, Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá ń tẹ̀ lé oṣù ojú ọ̀run, ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni ìjọba àpapọ̀ sì sábà máa ń kéde wọn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà a máa kéde ìsinmi fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni ló ń ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà. Bóyá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wọ inú kíkà tàbí kò wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ tó wà nínú àdéhùn ni yóò sọ: ṣé ọlidé Nàìjíríà ni wọ́n kọ, àbí ti ìpínlẹ̀ tí a ti ń ṣiṣẹ́? Nítorí irú èyí, kò dáa kí a kọ déètì nìkan sínú lẹ́tà, kò sì dáa kí a kọ “ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́” nìkan. Méjèèjì ni mo kọ. Ohun tó wà nínú lẹ́tà náà ní ìtumọ̀ ni pé: Mo fi lẹ́tà yìí fún yín ní nótíìsì ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wa ṣe túmọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ọjọ́rú, ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 2025, ni ọjọ́ kìíní. Mo ti yọ ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án àti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá tí í ṣe ọlidé. Iṣẹ́ mi yóò parí ní ìgbà tí a bá ṣíwọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá 2025. Bí ìjọba bá kéde ọlidé mìíràn láàárín, ọjọ́ náà yóò sún síwájú bí iye ọlidé náà bá ṣe tó.

Mi ò kọ “oṣù kan” síbi kankan nínú rẹ̀. Bí oṣù kan àti ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́ bá jọ wà nínú lẹ́tà kan, ẹni tó bá kà á yóò mú èyí tó wù ú.

Ó bi mí bóyá òun lè lo ọjọ́ márùn-ún tó kù nínú ìsinmi ọdún òun láàárín. Ìsinmi òṣìṣẹ́ kì í dá kíkà dúró, torí ọjọ́ Ajé ṣì ni ọjọ́ Ajé, yálà ó wá sí ọ́fíìsì tàbí kò wá. Ṣùgbọ́n àdéhùn mìíràn ní kí ẹnikẹ́ni má fi ìsinmi dí àsìkò nótíìsì, ẹ ka ìpín ìsinmi náà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀.

Ká ní ó lọ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá bó ṣe kọ́kọ́ rò ó, ọjọ́ 19 péré ni ìbá ti ṣe, ọjọ́ 11 ìbá kù. Àdéhùn rẹ̀ pín owó oṣù sí ọ̀nà 22 láti mọ owó ọjọ́ kan. Bí owó oṣù bá jẹ́ ₦330,000, ọjọ́ kan jẹ́ ₦15,000, ọjọ́ 11 sì jẹ́ ₦165,000 tí wọn ì bá yọ nínú owó ìkẹyìn rẹ̀. Àdéhùn mìíràn pín in sí 30, torí náà ẹ wo tiyín kí ẹ tó ṣírò.

Ẹ̀dà méjì ló gbé lọ. Ó ní kí akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà lu òǹtẹ̀ sí méjèèjì, kó sì fi bírò kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ déètì náà: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọ̀kan padà sínú báàgì rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n kọ̀wé padà pé àwọn ti gba nótíìsì rẹ̀, pé ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ni yóò parí. Mo ti mọ fọ́múlà tí wọ́n lò. Mo ní kó fi ìlà méjì fèsì, pé ọjọ́ tí wọ́n gba lẹ́tà kò sí nínú ọgbọ̀n náà, kó sì so fọ́tò kàlẹ́ńdà tí mo kọ nọ́ńbà sí mọ́ ọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti yí i sí ọjọ́ 16.