Bí mo ṣe yẹ àbájáde dáìsì wò ní kàsínò kíríptò kan

Àbúrò mi kan máa ń ta tẹ́tẹ́ dáìsì ní kàsínò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gba Bítíkọ́ìnì. Ohun tó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni `Provably Fair` tí wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tó ta lè fúnra rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò sí màgòmágó. Nígbà tó pàdánù léraléra, ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń rẹ́ mi jẹ?" Mi ò fẹ́ dá a lóhùn lórí ìfura. Mo ṣí àkáǹtì tèmi níbẹ̀, mo fi owó díẹ̀ sí i, mo sì tún ìṣirò wọn ṣe fúnra mi.

Ohun mẹ́ta ló ń bí àbájáde kọ̀ọ̀kan. `Server seed` jẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn tí kàsínò yàn tó sì fi pamọ́. `Client seed` jẹ́ tèmi. `Nonce` ni iye ìgbà tí mo ti ta pẹ̀lú àwọn síìdì méjèèjì yìí. Kí n tó ta rárá, háàṣì SHA-256 ti síìdì tiwọn, ìyẹn àmì kan tí ìṣirò fà yọ láti inú rẹ̀, nìkan ni wọ́n fi hàn mí. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn kọ iye kan sínú ìwé, tó lẹ̀ ẹ́ pa, tó sì fún ẹni tí wọ́n jọ ń ta pé kó bá òun tọ́jú ẹ̀. Mi ò lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀, òun náà ò sì lè pààrọ̀ rẹ̀ mọ́.

Mo kọ́kọ́ da háàṣì yẹn kọ sínú fáìlì lórí kọ̀ǹpútà mi. Ìgbà tó ti wà lọ́wọ́ mi ni mo tó yí `client seed` padà sí ọ̀rọ̀ tí mo ronú kàn. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra yìí ṣe pàtàkì gan-an. Bí kàsínò bá ti mọ síìdì mi kó tó yan tirẹ̀, ó lè dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún síìdì wò níkọ̀kọ̀, kó mú èyí tí mo máa pàdánù sí jù, kó sì fi háàṣì rẹ̀ hàn mí. Gbogbo ìṣirò á tọ̀nà lẹ́yìn náà, síbẹ̀ wọ́n ti yàn án mọ́ mi.

Mo ta díẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì tó ń pààrọ̀ síìdì, wọ́n sì tú èyí àtijọ́ síta. Mo wá fi àṣẹ méjì yẹ ìgbà keje wò; 7 ni `nonce` rẹ̀, 0 sì jẹ́ ara ìlànà kàsínò:

```
printf '%s' "$SERVER_SEED" | sha256sum
printf '%s' "$CLIENT_SEED:7:0" | openssl dgst -sha256 -r -hmac "$SERVER_SEED"
```

Àbájáde àkọ́kọ́ bá èyí tó wà nínú fáìlì mi mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. (Ẹ má fi `echo` lásán ṣe é. Ó máa ń fi àmì ìlà tuntun kún ìparí ọ̀rọ̀, háàṣì á sì yàtọ̀ pátápátá. Ẹ̀ẹ́ rò pé olè ni wọ́n.) Àṣẹ kejì, tó pa ohun mẹ́ta náà pọ̀, gbé ọ̀rọ̀ kan jáde tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `8c1f03a0`. Bí a bá mú un ní méjì-méjì, tí a sì sọ ọ́ di nọ́ńbà ojoojúmọ́, 140, 31, 3 àti 160 nìyẹn. Ìlànà tí kàsínò kọ síta ni mo tẹ̀ lé:

```
140/256 + 31/256^2 + 3/256^3 + 160/256^4 = 0.547348...
0.547348... × 10001 = 5474.03
```

A ó gé ohun tó wà lẹ́yìn àmì dànù, a ó sì fi 100 pín in: 54.74. Iye tí mo rí lójú ẹ̀rọ nígbà tí mo ta náà nìyẹn gan-an.

Ohun tí èyí fi hàn ni pé wọn ò yí síìdì wọn padà lẹ́yìn tí mo ta, àti pé láti inú rẹ̀ ni àbájáde náà ti wá. Kò sọ ohunkóhun nípa iye tí wọ́n ń san. Mo ta pé iye náà á ju 50.50 lọ. Láti 0.00 dé 100.00, àbájáde 10,001 ló wà, 4,950 nínú wọn ló sì ju 50.50 lọ. Ìlọ́po méjì ni wọ́n ń san fún ẹni tó bá jẹ. Nítorí náà, nínú ₦100 tí èèyàn bá fi ta, nǹkan bíi ₦99 ló ń padà wá bó bá pẹ́ lórí ẹ̀. Kí wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ di ìlọ́po kan ààbọ̀, háàṣì á ṣì bára mu. Bákan náà ni kò lè sọ bóyá wọ́n á san owó náà fún ọ nígbà tó o bá fẹ́ gbà á.

Mo wá yẹ ti àbúrò mi wò. Gbogbo ìgbà tó pàdánù ló bá síìdì tí wọ́n tú síta mu. Àmọ́ `client seed` tí kàsínò fúnra rẹ̀ ṣe fún un ló lò, kò yí i padà rí, kò sì tọ́jú háàṣì kankan kó tó ta. Mo sọ fún un pé ìṣirò wọn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bóyá síìdì yẹn ló ti wà nílẹ̀ kó tó fi owó sílẹ̀, tàbí wọ́n yàn án mọ́ ọn, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo lè fi mọ̀.