Bí ₦85,000 mi ṣe há sí ojú ewé kejì ínfọ́ìsì

Owó iṣẹ́ ọwọ́ mi, ₦85,000 gbáko, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lé e kí n tó rí i gbà. Kì í ṣe pé kọ́sítọ́mà mi burú o, ínfọ́ìsì tí èmi fúnra mi fi ránṣẹ́ ló dá mi lẹ́jọ́.

Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí. Mọ̀mí kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí n wá pààrọ̀ wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé àwọn. Mo ṣe é, ó mọ́, n ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjà tí mo rà jẹ́ ₦212,400, iṣẹ́ ọwọ́ ₦85,000, gbogbo ẹ̀ ₦297,400. Wọ́n ti san ₦120,000 sílẹ̀, ó wá ku ₦177,400. Àfi bí álaàtì ṣe wọlé tí mo rí ₦92,400!

Mo pè wọ́n. "Ẹ̀ńjìníà, ohun tó o kọ náà ni mo san o. 212,400, mo yọ 120 kúrò níbẹ̀." Wọn ò sì purọ́. Ọmọ káfẹ́ tí mo fún ní ₦3,000 ló ya tébùrù olójú mẹ́fà sórí A4, ó to ọjà síbẹ̀, ó wá kọ "ÀPAPỌ̀" gàdàgbà sísàlẹ̀ ojú ewé kìíní, ọjà nìkan ló pa pọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi àti bálánsì wà lójú ewé kejì. Ta ló rí "àpapọ̀" lórí fóònù tó tún ń yí i lọ sísàlẹ̀? Mọ̀mí ti ná ìyókù, wọ́n ní kí n ní sùúrù kí owó pẹ́ńṣàn wọlé.

Bí mo ṣe ní màá ṣe é fúnra mi nìyẹn. Mo gbé tébùrù ọmọ káfẹ́ sí Google Docs, mo lọ sí File, Page setup, mo mú A5 dípò A4. Ìdí ni pé mo fi rúlà wọn ojú fóònù mi, kò ju 70mm lọ, A4 sì fẹ̀ tó 210mm, nítorí náà lẹ́tà 11 tẹ́ ẹ rí lórí kọ̀ǹpútà, lórí fóònù kò tiẹ̀ pé 4. A5 jẹ́ 148mm, nǹkan bí ìdajì ni lẹ́tà máa kù sí lórí fóònù, ni mo bá gbé lẹ́tà sí 20.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Lẹ́tà ti tóbi, ojú tébùrù sì ti fún, ni ₦144,000 bá já sí méjì, "₦144,0" lókè, "00" nísàlẹ̀. Ẹni tó bá kánjú á kà á sí nǹkan míì! Mo dín lẹ́tà kù, kò ṣeé kà mọ́. Mo sún etí ìwé, ọ̀tun já, òsì tún já, wákàtí méjì àbọ̀ ni mo lò nídìí ẹ̀, wọ́n sì tún mú iná lọ (èmi oníná, nínú òkùnkùn). Ọmọ mi ló kọjá lẹ́yìn mi tó ní, "Dádì, ṣé dandan ni tébùrù ni?"

Mo pa á rẹ́. Orúkọ ọjà lórí ìlà kan, ìṣirò ẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, bálánsì lókè pátápátá. Ká ní bó ṣe rí nìyí lọ́jọ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí Mọ̀mí:

```
ÍNFỌ́ÌSÌ 014
Ó KU KÍ Ẹ SAN: ₦177,400
Ó pẹ́ tán, Jímọ̀ 14/11

Wáyà 2.5mm
2 × ₦72,000 = ₦144,000

Sọ́kẹ́ẹ̀tì 13A
12 × ₦4,200 = ₦50,400

Àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì
12 × ₦1,500 = ₦18,000

Iṣẹ́ ọwọ́: yíyọ wáyà àtijọ́,
fífa tuntun, síso sọ́kẹ́ẹ̀tì 12
₦85,000

Àpapọ̀: ₦297,400
Ẹ ti san: ₦120,000
```

Ẹ wò ó, "àpapọ̀" ẹyọ kan ṣoṣo, kò sí àpapọ̀ ọjà mọ́ láéláé. Tẹ́lẹ̀, "iṣẹ́ ọwọ́" lásán ni mo máa ń kọ, wọ́n á wá máa bi mí pé kí ni mo ṣe tó tó 85, ní báyìí mo ti kọ ohun tí mo ṣe síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún bi mí. Mo sì kọ ọjọ́ gan-an, torí "ẹ tètè san án" kì í ṣe ọjọ́.

Kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ara mi lórí WhatsApp. Tí mo bá ní láti fi ìka méjì fà á kí n tó rí iye owó, mo tún un ṣe. PDF ni o, kì í ṣe fọ́tò, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, nọ́ńbà á wá ṣú.

Nọ́ńbà àkáǹtì ńkọ́? Ó wà nínú PDF, ṣùgbọ́n mo tún máa ń fi nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ránṣẹ́ lọ́tọ̀, òun nìkan nínú mẹ́séèjì kan, orúkọ báńkì nínú òmíràn. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́ tí wọ́n kọ́pì, nọ́ńbà nìkan ló máa wọ inú áàpù báńkì. Kọ́sítọ́mà tó tẹ̀ lé Mọ̀mí, n ò tíì kúrò ní géètì ẹ̀ tí álaàtì fi dún, owó sì pé. ₦3,000 ọmọ káfẹ́ yẹn ṣì ń dùn mí ṣá.