Alẹ́ mẹ́ta lórí bàbá kan ṣoṣo

Iṣẹ́ tí mo ní màá parí kí n tó sùn ló jẹ alẹ́ mẹ́ta mọ́ mi lọ́wọ́, owó alẹ́ kan ni mo sì gbà. Àǹtí kan ló ní kí n fi bàbá wọn, tí kò lè wá síbi ìpàdé ẹbí, sínú fọ́tò tí gbogbo ilé yà níta lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn pátápátá ni bàbá máa dúró sí. A ò ní rí ẹsẹ̀ wọn, n kò sì ní máa wá òjìji tí màá kùn sílẹ̀. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Gígé bàbá kúrò nínú fọ́tò tiwọn, ẹ ti mọ ìyẹn. Kí n tó gbé wọn wọlé ni mo wo òjìji imú, ibẹ̀ sì ni mo fi gbọ́n jù. Lọ́wọ́ ọ̀tún fọ́tò ẹbí ni oòrùn wà, ó ti fẹ́ wọ̀, òjìji imú gbogbo wọn sì bọ́ sápá òsì. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni bàbá jókòó sí ní tiwọn, òsì ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Mo tẹ `Layer > Transform > Flip Horizontally` nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe, bàbá yí padà, òjìji bá òjìji mu. Mo ti ń yin ara mi.

Àǹtí wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. "Ta ló gbé àmì dúdú ojú bàbá mi lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì?" Àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì náà ti sá lọ sọ́wọ́ ọ̀tún. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi wá fọ́tò mìíràn. Ìkẹta nínú èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́, fèrèsé wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ká ní mo ti gba fọ́tò bíi márùn-ún látilẹ̀ ni, alẹ́ kan ì bá ti dín.

Wàhálà gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú sánmà tó ń gba fèrèsé wọlé lè lé ní 7000 K, oòrùn tó fẹ́ wọ̀ kò sì ju bíi 3000 sí 3500 K lọ. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fà sí búlúù tó. Bàbá dà bí ẹni tí òtútù ń pa láàárín àwọn tó ń yáná. Mo ṣí `Colors > Color Temperature`, mo fà á títí ojú wọn fi pọ́n. Síbẹ̀, àfi bí ẹni tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹbí. Mo fi kún un. Ó burú sí i. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, bàbá ti dà bí ẹni tí a fi osùn kùn, inú sì ń bí mi sí kọ̀ǹpútà tí kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Aṣọ funfun ló là mí lójú. Ọmọkùnrin kan wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun nínú fọ́tò ẹbí, bàbá náà wọ funfun. Mo mú `Color Picker` tó ń fi nọ́ńbà sọ iye pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, mo tẹ ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ náà níbi tí oòrùn ti kàn án: R 250, G 226, B 190. Mo tẹ ibi tí òjìji wà lára ṣẹ́ẹ̀tì kan náà: R 112, G 120, B 138. Búlúù ló borí níbẹ̀! Mo tẹ òjìji ṣẹ́ẹ̀tì bàbá: R 128, G 112, B 90. Oòrùn kì í dé inú òjìji. Ojú sánmà ló ń tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀ jù, ojú sánmà sì tutù. Èmi ti fi oòrùn kùn bàbá dé abẹ́ àgbọ̀n.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo lọ sí `Colors > Color Balance`. Mo yan `Highlights`, mo fà á díẹ̀ sí pupa, mo fà á dáadáa sí yẹ́lò. Mo yan `Shadows`, mo fà á sí búlúù. Mo ń tẹ ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì bí mo ṣe ń fà á, títí nọ́ńbà wọn fi sún mọ́ra. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Kí n tó fi ránṣẹ́, mo tẹ `Layer > New from Visible`, mo gbé `Saturation` sókè gan-an lórí léyà yẹn. Bí àwọ̀ ẹnì kan bá yàtọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti pariwo. Etí bàbá nìkan ló fà sí búlúù jù. Mo tún un ṣe, mo yọ léyà náà dànù.

Àǹtí ní ó dára, wọ́n ti gbé e kọ́ ògiri. Èmi kì í wo ibòmíràn nínú rẹ̀ ju ẹyinjú bàbá lọ: ìmọ́lẹ̀ fèrèsé onígun mẹ́rin ṣì ń tàn níbẹ̀, láàárín pápá tí kò ní fèrèsé kankan.