Bí Ìwé Owó Káńsù ₦33,000 Ṣe Di ₦15,000 Lọ́wọ́ Mi ní Ìkòròdú

Ata gígún, iyọ̀ àti epo pupa ni mò ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí títì ní Ìkòròdú, síbẹ̀ ₦33,000 ni àwọn òṣìṣẹ́ káńsù kọ sínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn mi. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé àròpọ̀ owó náà nìkan ni wọ́n kọ gàdàgbà. Lẹ́tà tín-ín-rín ni wọ́n fi kọ ohun tí wọ́n ń gba owó fún sísàlẹ̀.

Mo kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Owó ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ₦15,000, ìwé àṣẹ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n jẹ́ ₦8,000, ìforúkọsílẹ̀ ibi ìṣòwò sì jẹ́ ₦10,000. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1998, tó to owó orí àti owó ọjà fún ìpele ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fi owó ṣọ́ọ̀bù àti ti rédíò sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ ló fún ní ìforúkọsílẹ̀ ibi ìṣòwò. Ní ti rédíò, kò sí rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n kankan nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Bí mo ṣe kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ owó rédíò àti ti ìforúkọsílẹ̀ kúrò kò le. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo gbé e dé ọ́fíìsì. Ọkùnrin tó wà nídìí tábìlì ní, "Ìyá, ẹ san án bó ṣe wà, kí a má bàa wá ti ilẹ̀kùn yín." Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ gba lẹ́tà mi." Ó kọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní ọ̀gá tí yóò fọwọ́ sí i kò tíì wọlé. Nígbà tí ọ̀gá wọlé, wọ́n ní fáìlì mi wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Fáìlì jáde, wọ́n tún ní kí n lọ mú òṣìṣẹ́ wá kó wá wo ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo àkókò yìí ni àwọn tó ń ti ilẹ̀kùn ń kọjá pẹ̀lú àgádágodo lọ́wọ́, tí n kò sì lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀dà lẹ́tà mi tí akọ̀wé obìnrin kan lu òǹtẹ̀ gbígbà àti ọjọ́ sí ló gbà mí, nítorí òun ni mo nà sí wọn tí wọ́n fi kọjá lọ.

Nígbẹ̀yìn òṣìṣẹ́ wá, ó wo pẹpẹ ata àti kẹ́ẹ̀gì epo, ó sì kọ ọ́ pé kò sí rédíò. Wọ́n yọ owó méjèèjì, ₦18,000, kúrò. Inú mi dùn gan-an! Báńkì ni mo ti san ₦15,000 tó kù, n kò fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Bí ìwé bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ káńsù tó wà lórí rẹ̀. Yàtọ̀ sí Ìkòròdú fúnra rẹ̀, àwọn káńsù ìdàgbàsókè bíi Ìgbógbó-Báyékù, Ìmọ́tà àti Ìjẹ̀dẹ́ náà wà láyìíká wa, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá sì wà létí ààlà lè rí ìwé méjì gbà lórí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Rìsíìtì mi, tó ní orúkọ káńsù àti ọdún lórí, wà lára ògiri níbi tí ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ti lè kà á. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nílé.