Bí a ṣe ń fi mímí pẹ̀lẹ́ àti nínà ọrùn tú ẹ̀fọ́rí àsìkò ìdánwò

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé láàárín akẹ́kọ̀ọ́ ní Adó-Èkìtì tàbí Ọyẹ́ mọ ẹ̀fọ́rí tí mò ń sọ yìí. Kì í ṣe èyí tó ń lù kìkì lápá kan orí. Ńṣe ló máa ń fún orí yípo bí gèlè tí wọ́n dì le jù, láti iwájú orí dé ìpàkọ́, tí ọrùn àti èjìká á sì le gbagidi. Ẹni tó bá ti dorí kọ ìwé láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru, tí àyà rẹ̀ ń já nítorí ìdánwò ọ̀la, á ti fa èjìká rẹ̀ sókè láìmọ̀, á sì ti di eyín pọ̀. Àwọn iṣan ọrùn tó gbé orí dúró kò rí ìsinmi, ìrora wọn ló ń gùn dé orí.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yẹ ara yín wò. Bí ara bá gbóná, pàápàá tí ọrùn kò bá ṣeé tẹ̀ wá sí àyà, bí ẹ̀fọ́rí bá dé lójijì tó sì le ju gbogbo èyí tó ti ṣe yín rí lọ, bí ojú bá ń ṣú, bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá ń rọ, bí ẹ bá ń bì, tàbí tí ẹ bá forí gbá nǹkan, ẹ má na ọrùn rárá. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí kò bá sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ mu omi, kí ẹ sì jẹun bí ẹ kò bá tíì jẹun láti àárọ̀, torí ebi nìkan tó láti fọ́ èèyàn lórí. Ẹ jókòó sórí àga tó ní ẹ̀yìn. Orí bẹ́ẹ̀dì kò dára, ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn tẹ̀. Bí kò bá sí àga, ẹ ká ìró kan, ẹ fi sábẹ́ ìdí, kí ẹ jókòó sílẹ̀, kí ẹ sì fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé ìdodo, èkejì lé àyà. Aago ara ògiri ni mo máa ń ní kí wọ́n wò, kì í ṣe fóònù, torí ẹni tó bá mú fóònù láti fi ka ìṣẹ́jú àáyá, àtẹ̀jíṣẹ́ ló máa kà.

Ibi mímí yìí gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣì í ṣe. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ mí sínú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti imú, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà, ẹ mí síta kí ẹ sì kà dé ẹ̀fà. Ẹ má sé èémí mọ́ra láàárín méjèèjì. Àáyá kan fún kíkà kan, ìyẹn ni pé èémí mẹ́fà ló máa wọ ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Nígbà ọyẹ́, tí imú bá dí, ẹ lè ká ètè jọ díẹ̀ kí ẹ mí síta láti ẹnu.

Bí ẹ bá sọ fún èèyàn pé kó mí dáadáa, ńṣe ló máa ń gba atẹ́gùn kún àyà, á gbé èjìká sókè, á tú u síta pẹ̀lú ariwo, á sì tún gba òmíràn kíákíá. Kì í ṣe ohun tí a fẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ń mí gidigidi léraléra ń lé kábọ́ọ̀nù dayọ́ọ̀sáìdì jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ á sún kì, òòyì á kọ́ ọ, ètè àti orí ìka á máa yún un, ẹ̀rù á sì bà á pé àìsàn mìíràn tún ti dé.

Èémí kékeré tó sì lọ́ra ni kí ẹ máa wá. Ọwọ́ tó wà lórí ìdodo ni kó máa gbéra, kí èyí tó wà lórí àyà má fi bẹ́ẹ̀ mì. Bí ẹni tó jókòó tì yín bá ń gbọ́ èémí yín, ó ti pọ̀ jù. Bí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dá a dúró, ẹ mí bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀. Kí mímí sínú jẹ́ ẹ̀ta, mímí síta jẹ́ ẹ̀rin, títí ara á fi gbà á. Mímí síta ló gbọ́dọ̀ gùn jù, torí ìgbà yẹn ni ọkàn máa ń rọra lù.

Ọmọbìnrin kan tó wà lọ́dún kejì ní yunifásítì wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò rẹ̀, ó di ẹ̀bátí méjèèjì mú. Ara rẹ̀ kò gbóná, kò bì, àgbọ̀n rẹ̀ sì kan àyà nígbà tí mo ní kó tẹ orí. Dídùbúlẹ̀ ló ti ń kàwé lórí fóònù láti ọ̀sán. Ó mí bíi mẹ́fà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òòyì ń kọ́ mi o." Mo wo èjìká rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Mo ní, "Sọ èjìká sílẹ̀, má wá atẹ́gùn kiri, èyí tó bá wọlé ti tó." Ìgbà tó dín in kù ni ojú rẹ̀ tó walẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni nínà ọrùn. Ẹ jókòó lé ọwọ́ òsì yín lórí, kí èjìká òsì má lè gbéra. Ẹ jẹ́ kí etí ọ̀tún máa sọ̀kalẹ̀ lọ sí èjìká ọ̀tún, kí èjìká má lọ pàdé rẹ̀. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún èémí méjì irú èyí tí a ṣe ṣáájú, ogún àáyá nìyẹn, ẹ kò tún nílò aago. Ẹ ṣe òdìkejì bákan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta lápá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ yí imú sí apá abíyá ọ̀tún kí ẹ tẹ orí wálẹ̀, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára lẹ́yìn ọrùn lápá òsì. Ẹ dúró bákan náà, kí ẹ sì ṣe òdìkejì. Ẹ fi fífa àgbọ̀n sẹ́yìn parí rẹ̀: ẹ wo iwájú, ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn gbọọrọ láìtẹ orí, fún àáyá márùn-ún, ní ìgbà mẹ́wàá.

Ẹ má fi ọwọ́ fa orí. Ẹ má yí ọrùn pòòyì, ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kankan lọ́ ọ kó fi ró kẹ́kẹ́. Fífà ló yẹ kí ẹ mọ̀ lára, kì í ṣe ìrora. Bí nǹkan bá ta láti ọrùn dé apá, ẹ dáwọ́ dúró. Bí iṣan bá le jù, ẹ ki táwẹ́ẹ̀lì bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ fún un, kí ẹ gbé e lé ẹ̀yìn ọrùn kí ẹ tó nà án.

Kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Ti ọmọbìnrin yẹn, fífún orí yẹn rọlẹ̀ lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ṣùgbọ́n ìpàkọ́ rẹ̀ ṣì ń dùn ún díẹ̀ títí ó fi jẹun tó sì sùn. Ohun tó dára jù ni kí ẹ ti máa ṣe é kí ẹ̀fọ́rí tó le: bí ẹ bá ti kàwé fún ìṣẹ́jú 45, ẹ dìde kí ẹ na ọrùn. Ẹ gbé ìwé lé páálí kan tó ga kí ojú má baà máa wolẹ̀ ṣáá. Parasítámọ́ọ̀ kò burú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo oògùn ìrora fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè sọ ẹ̀fọ́rí di ti ojoojúmọ́.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹ kò lè máa na ọrùn kiri kí wọ́n má baà rò pé ẹ ń wo ìwé ẹlòmíràn. Kí wọ́n tó ní kí ẹ ṣí ìbéèrè, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ sọ èjìká sílẹ̀, ẹ ya eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kúrò lára wọn, kí ẹ mí síta gígùn lẹ́ẹ̀márùn-ún láìsí ariwo. Bí orí bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún yín láàárín ìdánwò, ẹ gbé bírò sílẹ̀, ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn ní ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó tún máa kọ̀wé lọ.