Bí mo ṣe mú kọ́pílíìnì ẹ̀rọ ìlọ àgbàdo gún ní Idu

Ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kan ní Idu, l'Abuja, ló ránṣẹ́ sí mi. Háàmà míìlì ni wọ́n fi ń lọ àgbàdo àti sóyà níbẹ̀, mọ́tò iná 30 kW tó ń yí ní ìgbà 1,470 ní ìṣẹ́jú kan ló sì ń wà á. Jọ́ọ̀ kọ́pílíìnì ló so ṣáfútì méjèèjì pọ̀: họ́ọ̀bù irin méjì tí wọ́n ní eyín ńláńlá, pẹ̀lú rọ́bà oníràwọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní sípáídà láàárín wọn. Sípáídà yìí kì í lò pẹ́ kó tó jẹ tán.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà ti pinnu kí n tó dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kúkú yọ rọ́bà yìí dànù. Jíà kọ́pílíìnì kan wà ní sítóò, irin ni tinú-tòde. Irin ò lè máa jẹ bí rọ́bà."

Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí àwọn rọ́bà tó ti kú. Ọmọ tó ń ṣọ́ sítóò ti kó wọn sínú àpò kan, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀, torí òkú sípáídà máa ń jẹ́rìí ohun tó pa á. Bí ooru ló pa á, ẹsẹ̀ rẹ̀ á le, á sì sán. Bí ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ ni, tàbí ìjáni òjijì, ẹ̀gbẹ́ ibi tí eyín irin ti ń tì í ni yóò tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí kó já. Ṣùgbọ́n bí àwọn ṣáfútì ò bá gún, eyín irin á máa yún rọ́bà náà ní gbogbo ìyípo, etí ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa hó, ìyẹ̀fun dúdú á sì máa dà sábẹ́ ìbòrí kọ́pílíìnì. Èyí tó pọ̀ jù nínú àpò náà hó létí, wọ́n ṣì rọ̀, ìyẹ̀fun dúdú sì wà nílẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀kan péré ló tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọmọ sítóò sọ pé ìyẹn ni ti ọjọ́ tí bóòtù kan bá àgbàdo wọ inú míìlì. Ìyẹn ò bà mí lọ́kàn jẹ́: rọ́bà ló gba ìjáni yẹn dípò bíárìn mọ́tò, iṣẹ́ rẹ̀ sì nìyẹn.

A pa iná, a ti súìṣì ní kọ́kọ́rọ́, mo sì gbé dáyà géèjì, aago kékeré tó ń wọn ìyàtọ̀ bíńtín, lé họ́ọ̀bù míìlì, mo fi ẹnu rẹ̀ kan etí họ́ọ̀bù mọ́tò. Kí n tó ka nǹkan kan, mo tú bóòtù ẹsẹ̀ mọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan láti wò ó bóyá ẹsẹ̀ kan ń dìde. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì dìde, mo sì fi ṣíìmù, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a máa ń tẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, dí àlàfo abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fo ibí yìí, gbogbo ohun tó bá kà lẹ́yìn náà á máa yí padà nígbàkigbà tó bá fún bóòtù.

Mo sọ dáyà di òdo lókè, a yí ṣáfútì méjèèjì pọ̀, nígbà tó dé ìsàlẹ̀ ó ka +0.90 mm. Ìlọ́po méjì ìyàtọ̀ ni dáyà máa ń kà, nítorí náà mọ́tò fi 0.45 mm rẹlẹ̀ ju míìlì lọ. Láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì ó ka 0.60, ìyẹn ni pé ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 0.30 mm. Téèyàn bá pa méjèèjì pọ̀ bí a ṣe ń ṣe fún igun onígun mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.54 mm. Ìwé kọ́pílíìnì náà kò gbà kó ju 0.38 mm lọ. Ti ìtẹ̀sí kò burú: àlàfo òkè fi 0.15 mm fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ lára họ́ọ̀bù tó fẹ̀ ní 150 mm, kò tó ìdá mẹ́wàá dígírì kan, dígírì kan gbáko sì ni ìwé gbà láàyè.

Àlàfo òkè tó fẹ̀ túmọ̀ sí pé ẹ̀yìn mọ́tò ló rẹlẹ̀ jù. 0.15 lórí 150 jẹ́ 0.001, ìyẹn 1 mm lórí ẹgbẹ̀rún kan. Ẹsẹ̀ iwájú jìnnà sí àárín kọ́pílíìnì ní 240 mm, ti ẹ̀yìn ní 540 mm. Iwájú nílò 0.45 pẹ̀lú 0.24, ìyẹn 0.69, ẹ̀yìn nílò 0.45 pẹ̀lú 0.54, ìyẹn 0.99. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó bá gbóná máa ń ga sí i. Ṣáfútì yìí ga ní 200 mm sókè ẹsẹ̀, bó bá fi 40 dígírì gbóná ju bó ṣe wà lọ, á fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ní 0.09 mm. Mo yọ ìyẹn kúrò, mo fi ṣíìmù 0.60 sí iwájú, 0.90 sí ẹ̀yìn, mo sì fi bóòtù ẹ̀gbẹ́ ti mọ́tò títí ti ẹ̀gbẹ́ fi wọlé sí 0.03.

Ọ̀gá ṣì ń wo jíà rẹ̀. Mo jókòó ti í, mo ṣàlàyé. Jíà kọ́pílíìnì lè gbé ẹrù tó pọ̀ gan-an nínú ara kékeré, ó sì gba ìtẹ̀sí, ṣùgbọ́n yíyọ̀ ni eyín rẹ̀ fi ń gbà á. Bí ṣáfútì ò bá gún, eyín kọ̀ọ̀kan á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ ní gbogbo ìyípo, ní iyára tiwa ju ìgbà 24 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gíríìsì nìkan ló ń gbà wọ́n là, kì í sì í ṣe gíríìsì èyíkéyìí: ti lásán máa ń yà sọ́tọ̀ nínú yíyí, ọṣẹ rẹ̀ á lọ lẹ̀ mọ́ eyín, òróró rẹ̀ á sá lọ sáàárín. Síìlì èyí tó wà ní sítóò ti sán, eruku ọyẹ́ á sì wọlé. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, irin sí irin kò ní ìrọ̀rí. Bóòtù ọjọ́ yẹn ì bá ti bá ṣáfútì dé inú bíárìn mọ́tò. Ibi tí ẹrù ti wúwo tí yíyí sì lọ́ra ni jíà yẹ.

"Dísìkì kọ́pílíìnì ńkọ́?" ó bi mí. Ìyẹn náà kò mu gíríìsì, kò sì ní eyín tó ń jẹ. Ìdìpọ̀ irin pẹlẹbẹ tí kì í dípẹtà ló ń tẹ̀ láàárín bóòtù. Ṣùgbọ́n ìdìpọ̀ kan ṣoṣo, ìtẹ̀sí nìkan ló lè gbà. Kó tó lè gba ìyàtọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ àti ti gíga, ó nílò ìdìpọ̀ méjì pẹ̀lú irin gígùn láàárín wọn: bí wọ́n bá jìnnà ní 140 mm tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tẹ̀ ní ìdajì dígírì, ó lè gba 1.2 mm. Àlàfo tiwa kò gba irin náà láì tú ìpìlẹ̀ mọ́tò. Òun náà kì í sì í gba ìjáni: bí wọ́n bá fipá tẹ̀ ẹ́ ju ààlà lọ, ìsán á bẹ̀rẹ̀ lára dísìkì ìta, nítòsí bóòtù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lórí pọ́ǹpù tó ń sáré tí ẹrù rẹ̀ sì dọ́gba, kì í ṣe lórí háàmà míìlì.

Rọ́bà ló kù, ọ̀gá sì tún fẹ́ èyí tó le, torí ó gbọ́ pé ó lágbára jù. Òótọ́ ni pé èyí tó le máa ń gbé ẹrù tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kì í gba ìjáni bíi ti èyí tó rọ̀, àwọn tó le jù lára wọn kò sì gba ìtẹ̀sí tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣírò rẹ̀: 9,550 ní ìlọ́po 30, pín sí 1,470, jẹ́ 195 Nm. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nítorí ìjáni míìlì, ó di 390. Rọ́bà dúdú tó rọ̀ kọjá iye yẹn nínú ìwé olùṣe, nítorí náà a kò kúrò níbẹ̀. Wọ́n fi tuntun ránṣẹ́ láti Èkó sí gáréèjì Utako.

Lẹ́yìn tí míìlì ti lọ fún wákàtí mélòó kan, a dá a dúró, mo sì tún gbé dáyà lé e kó tó tutù. Gíga ti wọlé sí 0.04 mm. Mo sọ fún ọmọ sítóò pé kó máa wọn nínípọn ẹsẹ̀ rọ́bà nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣí ìbòrí. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin bá ti lọ, kó yọ ọ́. Ẹsẹ̀ tó wà láàárín àwọn tó ń ru ẹrù kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ, nítorí náà ó lè yí sípáídà náà ní ẹsẹ̀ kan síwájú kó tún lò ó, bí ìyẹ̀fun dúdú kò bá ti sí nílẹ̀. Bí ó bá wà, kó pè mí kó tó ra òmíràn.