Pọ́ǹpù ń dún, omi ò gòkè

Ẹ̀yin ará ilé, bí pọ́ǹpù tó ń fa omi kànga bá ń dún ṣùgbọ́n tí omi ò dé táǹkì, ẹ má tíì ra òmíràn. Ẹ pa á kíá, torí bó bá ń yí láìsí omi nínú, síìlì rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi jò lára rẹ̀ á bàjẹ́. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tí a fi ń rọ omi sí i, ẹ rọ omi kún un, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 5.

Bí omi náà ò bá lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló há síbẹ̀: ẹ dé e, ẹ tan án. Bó bá ń lọ sílẹ̀, fúùtì fáàfù ìsàlẹ̀ páìpù, tí kì í jẹ́ kí omi padà sínú kànga, ni kò padé mọ́, tàbí kí ojú ìsopọ̀ kan máa jò. Tèmi, ewé kékeré ló há a lẹ́nu. Mo yọ ọ́, omi gòkè.